Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n sọ fún ọ: bí a ṣe ń tú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún

*Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti bọ̀ọ̀dá mi máa ń ṣe eré ọ̀rọ̀ kan lórí Wáásáàpù. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ Yorùbá onílẹ́tà márùn-ún pamọ́, èmi náà á pe ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún, wọ́n á wá sọ iye lẹ́tà tèmi tó wà nínú tiwọn. Wọn kì í sọ èwo, wọn kì í sọ ipò tó wà. Òfin wa: orúkọ nǹkan nìkan, kì í ṣe orúkọ ènìyàn tàbí ti ìlú, a kì í ka àmì ohùn, lẹ́tà kan ni gb, ẹ, ọ àti ṣ yàtọ̀ sí e, o àti s. Lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi pamọ́, àmọ́ ó lè wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú èyí tí mo bá pè. Mo pe òkúta, wọ́n ní 1. Ìlera, 2. Ìyàwó, 2. Ìpàdé, 2. Látìgbà yẹn mi ò mọ ohun tí mo lè pè mọ́, wọ́n sì ń dúró dè mí. Ṣé ọgbọ́n wà níbẹ̀ ni, àbí oríire lásán?*

Àbúrò mi, ọgbọ́n wà níbẹ̀, ohun tó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ pọ̀ ju bó o ṣe rò lọ. Lẹ́tà kan ti dájú pátápátá nínú ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá rẹ láìjẹ́ pé o mọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo rí tó ṣì lè jẹ́ ẹ kò ju méje lọ. Jẹ́ kí n fi bí mo ṣe dé ibẹ̀ hàn ọ́, lẹ́yìn náà màá sọ èyí tó yẹ kó o pè tẹ̀ lé e.

Jotto ni orúkọ eré yìí. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Morton Rosenfeld ló gbé e jáde ní 1955, ọ̀rọ̀ onílẹ́tà márùn-ún náà sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Wordle tó gbòde ní ìparí 2021 ló mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lára lóde òní, ìdí nìyẹn tí Jotto fi máa ń ni wọ́n lára. Nínú Wordle, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló ń jẹ́rìí fúnra rẹ̀: àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ yẹ́lò ti sọ tirẹ̀ tán. Nínú Jotto, lẹ́tà márààrún ló ń fi ẹnu kan jẹ́rìí, nọ́ńbà kan ni wọ́n sì ń sọ. Èyí ló fà á tí ìdáhùn kan kì í fi í tó nǹkan bó bá dá wà. Ìgbà tó o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òmíràn ló máa ń sọ̀rọ̀.

Kí a tó fọwọ́ kan àwọn nọ́ńbà rẹ, wo bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí. Orúkọ nǹkan onílẹ́tà márùn-ún nínú Yorùbá sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì á tẹ̀ lé e, fáwẹ̀lì, kọ́ńsónáǹtì, fáwẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó o pè ló rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó yapa wà lóòótọ́: kànga, gàárì, eégún, oògùn. Ṣùgbọ́n òfin yín pé lẹ́tà kan kò gbọdọ̀ wáyé lẹ́ẹ̀mejì ti lé gbogbo àwọn wọ̀nyẹn jáde, torí a méjì ló wà nínú kànga, e méjì sì wà nínú eégún. Bàǹtẹ́ àti àwọn díẹ̀ bíi tirẹ̀ ló lè gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Nítorí náà, mú un pé fáwẹ̀lì mẹ́ta tó yàtọ̀ síra àti kọ́ńsónáǹtì méjì péré ló wà nínú ọ̀rọ̀ bọ̀ọ̀dá rẹ. Ọ̀rọ̀ pé kọ́ńsónáǹtì kò lè ju méjì lọ yìí ló máa ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù fún wa.

Ó yá, wo ìlera, ìyàwó àti ìpàdé. Lẹ́tà méjì ló wà nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: i àti a. Ọ̀nà mẹ́rin ni nǹkan lè gbà rí. Ó lè jẹ́ pé i àti a kò sí níbẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ a nìkan, ó lè jẹ́ i nìkan, ó sì lè jẹ́ àwọn méjèèjì. Ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí méjèèjì kò bá sí níbẹ̀, 2 tí ìlera gbà gbọ́dọ̀ wá láti inú l, e, r. Ti ìyàwó á wá láti inú y, w, o. Ti ìpàdé á wá láti inú p, d, e. Ká ní e wà níbẹ̀: ìlera ṣì nílò l tàbí r, ìpàdé ṣì nílò p tàbí d. Kọ́ńsónáǹtì méjì ti pé nìyẹn. Ìyàwó wá nílò méjì nínú y, w, o, kò sì sí bí a ṣe máa mú méjì níbẹ̀ tí y tàbí w ò ní í bá a wá. Kọ́ńsónáǹtì kẹta dé, ọ̀rọ̀ náà ò lè gbà á. Ká ní e kò sí: l, r, p, d gbọ́dọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kọ́ńsónáǹtì mẹ́rin. Ọ̀nà yìí ti dí.

Bó bá jẹ́ a nìkan, òkúta ti ná 1 rẹ̀ sórí a, torí náà o, k, u, t kò sí níbẹ̀. Ìyàwó nílò ẹyọ kan sí i, o sì ti kúrò, á jẹ́ y tàbí w. Ìlera nílò ẹyọ kan nínú l, e, r. Ìpàdé nílò ẹyọ kan nínú p, d, e. Bí e kò bá sí níbẹ̀, a tún ti ní kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta. Bí e bá wà níbẹ̀, òun nìkan á yanjú ìlera àti ìpàdé pa pọ̀. A wá ní a, e, àti y tàbí w. Fáwẹ̀lì kẹta kò lè jẹ́ i, kò lè jẹ́ o, kò lè jẹ́ u. Ẹ tàbí ọ ló kù. Mo wá orúkọ nǹkan kan tó ní a, e, àti ẹ tàbí ọ, pẹ̀lú y tàbí w, mi ò rí ọ̀kan. Ó sì nídìí tó fi ṣọ̀wọ́n bẹ́ẹ̀. Àǹkóò fáwẹ̀lì kì í sábà jẹ́ kí e tàbí o jókòó ti ẹ tàbí ọ nínú ọ̀rọ̀ tí a kò so pọ̀, àyàfi bí òmíràn bá là wọ́n láàárín, bí u ṣe ṣe nínú ewúrẹ́, orúkọ àti òwúrọ̀. Ọ̀nà kejì yìí náà dí.

Wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọ̀nà méjì tó kù, i ló wà nínú méjèèjì. A kò tíì mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a ti mọ̀ pé i wà níbẹ̀.

Bó bá jẹ́ i nìkan láìsí a, ìlera, ìyàwó àti ìpàdé ṣì nílò ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òkúta náà sì nílò ẹyọ kan nínú o, k, u, t. Ká kọ́kọ́ yọ e kúrò. Ìlera á mú l tàbí r, ìpàdé á mú p tàbí d, kọ́ńsónáǹtì ti pé méjì, nítorí náà o ni ìyàwó gbọ́dọ̀ mú. O yìí kan náà ló máa dáhùn fún òkúta, u sì ti kúrò. Fáwẹ̀lì wa á wá jẹ́ i, o, àti ẹ tàbí ọ. Ìrọ́pò bọ́ sí i rẹ́gí. Dán an wò: òkúta bá a pàdé ní o, 1, ìlera ní i àti r, 2, ìyàwó ní i àti o, 2, ìpàdé ní i àti p, 2.

Bí e bá wà pẹ̀lú i, l, r, p, d ti kúrò. Bí ìyàwó bá mú o, k, t, u náà á kúrò. Fáwẹ̀lì wa á jẹ́ i, e, o. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn níbí ni Èjìgbò, ṣùgbọ́n orúkọ ìlú ni, òfin yín kò sì gbà á. Bí ìyàwó bá mú w, òkúta lè mú k tàbí t, kọ́ńsónáǹtì á sì pé méjì. Ìkọ̀wé rèé, ìtẹ̀wé náà rèé. O lè bi mí pé ṣebí mo ní e kì í bá ọ gbé. Mo sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ tí a kò so pọ̀. Kọ àti ìwé ló di ìkọ̀wé, tẹ̀ àti ìwé ló di ìtẹ̀wé, rọ́ àti ipò ló sì wà nínú ìrọ́pò. Ojú oríkèé tí a ti so wọ́n ni àǹkóò ti máa ń já. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn tó mọ eré yìí dáadáa máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sí, torí ọkàn ẹni tó ń wá a kì í tètè lọ síbẹ̀.

Ó ku ọ̀nà kẹrin, tó ní i àti a pa pọ̀. Ibí ló ti rọrùn jù. 2 ìlera ti tán, 2 ìyàwó ti tán, 2 ìpàdé ti tán, 1 òkúta náà ti tán sórí a. Gbogbo lẹ́tà yòókù tó o pè ti kú: l, e, r, y, w, o, p, d, k, u, t. Fáwẹ̀lì kẹta gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ tàbí ọ, kọ́ńsónáǹtì méjèèjì á sì wá láti inú b, f, g, gb, h, j, m, n, s, ṣ. Ìwọ̀nyí ni mo rí: ìjọba, àjọbí, ìbàjẹ́, ìgbafẹ́.

Àwọn afurasí wa nìyẹn, méje: ìjọba, àjọbí, ìbàjẹ́, ìgbafẹ́, ìkọ̀wé, ìtẹ̀wé, ìrọ́pò. Ó ṣeé ṣe kí òmíràn tí mi ò rántí wà. Bó o bá rí i, fi kún un, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ dán an wò pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí bọ̀ọ̀dá rẹ bá gbà pé ọ̀rọ̀ gidi ni ìgbàṣẹ, fún àpẹẹrẹ, òun náà wọlé: a nínú òkúta, i àti a nínú àwọn mẹ́ta yòókù.

Ní báyìí o lè rí ohun tó mú ọ rìn jẹ̀ẹ́jẹ̀ẹ́. 2, 2, 2 tó o gbà kì í ṣe oríburúkú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lo bi bọ̀ọ̀dá rẹ nípa i àti a, o kàn ń pààrọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn ni. Ìdáhùn wọn pa lẹ́tà púpọ̀, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó o mọ èyí tó ń mú 2 náà wá. Bó bá jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní i láìní a, gbogbo àlàyé gígùn tí mo ṣe lókè yìí ì bá má pọndandan.

Kí lo máa wá pè? Ọ̀pọ̀ ènìyàn á kàn mú èyí tó wù wọ́n nínú méje kí wọ́n sì dúró de Ọlọ́run. Èmi á kọ́kọ́ bi ara mi pé bí mo bá pe ọ̀rọ̀ yìí, báwo ni ìdáhùn ṣe máa pín àwọn afurasí? Gbé ìrọ́pò wò. Bó bá jẹ́ òun ni, 5. Ìjọba, àjọbí àti ìkọ̀wé bá a dọ́gba ní i àti ọ, wọ́n á mú 2 wá. Ìbàjẹ́, ìgbafẹ́ àti ìtẹ̀wé á mú 1 wá. Ẹgbẹ́ mẹ́ta péré, ó sì ṣeé ṣe kí mẹ́ta ṣì kù sí ọ lọ́rùn. Gbé ìbàjẹ́ wò. Òun fúnra rẹ̀ á mú 5 wá. Ìjọba àti àjọbí á mú 4 wá, torí ọ nìkan ló yàtọ̀ sí ẹ. Ìgbafẹ́ á mú 3 wá, i, a, ẹ. Ìtẹ̀wé á mú 2 wá, i àti ẹ. Ìkọ̀wé àti ìrọ́pò á mú 1 wá, i nìkan. Ẹgbẹ́ márùn-ún, èyí tó tóbi jù níbẹ̀ kò sì ju ọ̀rọ̀ méjì lọ.

Nítorí náà, ìbàjẹ́ ni kó o pè.

Donald Knuth, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà, lo irú ìrònú yìí ní 1977 fún eré Mastermind, èyí tí wọ́n fi àwọ̀ mẹ́fà àti ihò mẹ́rin ṣe. Ọ̀nà 1,296 ni àṣírí ibẹ̀ lè gbà rí, ó sì fi hàn pé ìgbà márùn-ún kò ní í kọjá kí èèyàn tó mú un, bó ti wù kó rí. Òfin rẹ̀ kò le: fún ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tó o lè pè, wo ẹgbẹ́ tó tóbi jù tí ìdáhùn lè fi sílẹ̀ fún ọ, kó o wá pe èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ tó tóbi jù kéré jù lọ. Nígbà míì, òfin yìí á ní kó o pe ohun tó o mọ̀ dájú pé kì í ṣe àṣírí náà, torí pé ó pín àwọn tó kù dáadáa. Nínú Jotto, ìyẹn wúlò gan-an nígbà tí afurasí ṣì pọ̀, bí ogójì tàbí ọgọ́ta. Ṣùgbọ́n níbi tó o dé yìí, tó ku méje, mi ò ní í gbà ọ́ nímọ̀ràn ẹ̀. Wo àkọ́bí: kò lè jẹ́ àṣírí náà, torí k àti a ni ì bá mú kí òkúta gba 2. Ó pín àwọn méje náà sí méjì, méjì, méjì àti ẹyọ kan, kò sì burú. Ṣùgbọ́n kò sí bó o ṣe lè fi jẹ lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ìbàjẹ́ ń pín wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó tún lè jẹ́ òun gan-an.

Bí wọ́n bá dáhùn 3 tàbí 2, o ti mọ ọ̀rọ̀ náà, àyàfi bí o ti fi afurasí mìíràn kún un. Ìgbàṣẹ náà á mú 3 wá, á wá di òun àti ìgbafẹ́. Bó bá jẹ́ 1, pe ìkọ̀wé. Bí kì í bá ṣe òun, wọ́n á ní 2, ìrọ́pò sì nìyẹn. Bó bá jẹ́ 4, ìṣòro mìíràn dé. Ìjọba àti àjọbí, lẹ́tà márùn-ún kan náà ló wà nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan láyé tó o lè pè tí nọ́ńbà rẹ̀ á ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀, torí pé eré yìí kì í ka ipò. Kàn pe ọ̀kan. Bí wọ́n bá ní 5 ṣùgbọ́n tí wọ́n ní kì í ṣe òun, tún àwọn lẹ́tà kan náà tò. Kí ìwọ àti bọ̀ọ̀dá rẹ fẹnu kò lórí èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ṣé 5 ti jẹ́ àṣeyọrí, àbí ó di ìgbà tí o bá pe ọ̀rọ̀ gan-an? Mo ti rí ibi tí eré parí sí ìjà lórí èyí.

Bí wọ́n bá sì dáhùn 0 ńkọ́? Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí i ti dájú. Ẹnì kan ti ṣìṣe ni, kò sì pọndandan kó jẹ́ ìwọ. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú eré yìí ní Yorùbá wá láti orí fóònù: ènìyàn á tẹ ijoba láìfi àmì sábẹ́ o, á sì ka àwọn lẹ́tà bí ó ṣe ń rí wọn lójú. Bó bá jẹ́ ìjọba ni wọ́n fi pamọ́, tí wọ́n sì ka ọ bí o, òkúta ì bá ti gba 2, ìyàwó ì bá sì gba 3. Bó bá jẹ́ ìgbafẹ́, tí wọ́n ka ẹ bí e, ìlera àti ìpàdé á gba 3. Nítorí náà, nígbà tí ìdáhùn bá takora tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá gbogbo wọn mu, má tíì sọ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá tán. Mú àwọn ìdáhùn tó kan e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ, yí ọ̀kan padà lẹ́ẹ̀kan, fi 1 kún un tàbí kó o yọ 1 kúrò, kó o wò bóyá nǹkan á tò. Ó sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan péré ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Gb náà máa ń dá wàhálà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn tètè ń hàn: ẹni tó bá kà á bíi g àti b á rí lẹ́tà mẹ́fà nínú ìgbafẹ́, kò sì ní í fi pamọ́ rárá.

Ní ti eré tó ń bọ̀, òkúta kò burú láti fi bẹ̀rẹ̀. Fáwẹ̀lì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, k àti t sì wọ́pọ̀. Ohun tó yẹ kó o yí padà ni ìkejì. Pe ọ̀rọ̀ tí kò ní lẹ́tà kankan tó wà nínú òkúta: ìrọ̀lẹ́. Nínú fáwẹ̀lì méje tí a ní, mẹ́fà ti wà nínú àwọn méjèèjì, e nìkan ló kù síta. Wá ro ìdáhùn méjèèjì pọ̀. Fáwẹ̀lì mẹ́ta ló wà nínú àṣírí, ó kéré tán méjì wọn ti wà lọ́wọ́ rẹ, torí náà àròpọ̀ kò lè dín ní 2. Bó bá jẹ́ 2 gan-an, ìròyìn ayọ̀ ni: e wà níbẹ̀ dájú, k, t, r àti l kò sì sí níbẹ̀. Ìpàdé rí bẹ́ẹ̀, ó ní a nínú òkúta àti i nínú ìrọ̀lẹ́. Bó bá jẹ́ 5, e kò sí níbẹ̀, kọ́ńsónáǹtì méjèèjì sì wà láàárín k, t, r, l. Orúkọ nìyẹn: o, u, k nínú ti àkọ́kọ́, r àti ọ nínú ìkejì. Nọ́ńbà tó wà láàárín kì í sọ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n o ti mọ iye tó wà lápá kọ̀ọ̀kan.

Ìkẹta ni kí o fi gé àwọn apá náà sí wẹ́wẹ́: mú díẹ̀ nínú òkúta, díẹ̀ nínú ìrọ̀lẹ́, àti lẹ́tà tuntun méjì. Ìkọ̀wé ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. K wá láti ibi àkọ́kọ́, i àti ọ láti ibi kejì, e àti w jẹ́ tuntun. Má sì bẹ̀rù òfo. Àwọn ènìyàn máa ń fajú ro bí wọ́n bá gbọ́ 0, bẹ́ẹ̀ kò sí ìdáhùn tó dájú tó o: lẹ́tà márùn-ún kú lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èyí tó o ti pè tẹ́lẹ̀ tó ní wọn nínú sì túbọ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tó bá ku díẹ̀, tó o fẹ́ mọ̀ nípa lẹ́tà méjì péré, wá ọ̀rọ̀ méjì tó jọra tán àfi ní ibì kan. Ìkọ̀wé àti ìkàwé jẹ́ irú wọn. Bí ìkọ̀wé bá ti gba 2, tí ìkàwé sì gba 3, a wà níbẹ̀, ọ kò sí. Bó bá di 1, òdìkejì rẹ̀ ni. Bó bá dọ́gba, yálà méjèèjì wà níbẹ̀ tàbí kò sí ọ̀kankan. Ọ̀nà yìí ń dáni lójú, ṣùgbọ́n ìdáhùn mẹ́ta péré ló lè wá láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó látìbẹ̀rẹ̀ á pẹ́ kó tó débi tó ń lọ. Fi í pamọ́ di ìgbà tí afurasí rẹ kò bá ju mẹ́rin márùn-ún lọ, tí kò sì sí ìkan nínú wọn tó pín àwọn yòókù dáadáa.

Bá mi kí bọ̀ọ̀dá rẹ. Bí wọ́n bá dáhùn 4 sí ìbàjẹ́, ìjọba ni kó o kọ́kọ́ pè, torí òun ló wọ́pọ̀ lẹ́nu jù, àfi bó o bá mọ̀ pé irú ẹni tó máa ń fi ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pamọ́ ni wọ́n.